Omi kànga ẹ̀rọ mọ́ lẹ́nu páìpù, ilẹ̀ mọ́ ó ti pọ́n: lẹ́tà ẹni tó gbẹ́ ẹ

Onílé Tuntun:
Ẹ̀gbọ́n tó gbẹ́ kànga mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn níbí. Bí mo bá tan pọ́ńpù, omi ń mọ́ gaara. Tí ilẹ̀ bá fi mọ́, inú garawa ti pupa rúsúrúsú. Mo fi bílíìsì fọ aṣọ funfun, ṣe ló tún pọ́n sí i. Mo ra asẹ́ olówùú, asẹ́ funfun báláú, omi ṣì ń pọ́n. Láàbù ní irin inú rẹ̀ kò ju 0.2 lọ. Ṣé ẹ kò gbẹ́ ẹ jìn tó ni? Kí ni kí n ṣe?

Agbẹ́kànga:
Ẹ kú ìfaradà, mà. Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó fèsì. Mo fẹ́ fojú ara mi rí omi náà ná. Lẹ́tà tí mo kọ sí yín nìyí. Mo gbé e síbí kí àwọn tó mọ̀ jù mí lọ lè bá wa yẹ̀ ẹ́ wò.

Irin ló wà nínú omi yín, inú ilẹ̀ àti inú àpáta ló sì ti wá. Omi ìsàlẹ̀ yẹn jìnnà sí afẹ́fẹ́. Kò sí ọ́síjìn níbẹ̀, ó sì ní gáàsì tó ń mú un kan díẹ̀. Irú omi bẹ́ẹ̀ máa ń yọ́ irin mọ́ra bí omi ṣe ń yọ́ iyọ̀, irin tó bá sì ti yọ́ báyìí kò láwọ̀. Ìdí nìyí tí omi fi ń mọ́ gaara lẹ́nu páìpù. Tó bá bọ́ síta tí afẹ́fẹ́ kàn án, irin náà á gba ọ́síjìn, á di ìpẹtà, á wá hàn bí ìyẹ̀fun pupa tó ń rọra sùn sísàlẹ̀ garawa. Ohun tó ń ṣe ìṣó tí òjò pa ló ń ṣe omi yín.

Mo dán an wò lójú yín ní ọjọ́ tí mo wá. Mo bu omi sí ife gíláàsì méjì lẹ́nu páìpù kànga gan-an, kó tó dé táńkì. Ọ̀kan, mo bù ú kún dé etí, mo fi ọ̀rá dé e pa kí afẹ́fẹ́ má wọ̀ ọ́. Èkejì, mo bù ú dé ìdajì, mo sì gbọ̀n ọ́n dáadáa. Aago mẹ́wàá àárọ̀ nìyẹn, méjèèjì mọ́. Nígbà tó fi di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, èyí tí mo gbọ̀n ti ń ní kùrukùru, àwọ̀ rẹ̀ sì ti ń lọ sí yẹ́lò. Ẹ̀yin náà fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi ní ọjọ́ kejì: ìlà pupa tín-ín-rín ti wà nísàlẹ̀ ọ̀kan, èyí tí a dé pa kò tíì ní nǹkan kan. Ìyẹn ló fi dá mi lójú pé irin tó ti yọ́ ni. Tó bá jẹ́ amọ̀ tàbí ìpẹtà láti ara páìpù ni, omi ìbá ti pọ́n látẹnu páìpù, ife méjèèjì ìbá sì rí bákan náà.

Mo wọn irin náà lójú ẹsẹ̀ lẹ́bàá kànga. Ó jẹ́ mílígíráàmù 4 nínú lítà kan. Láti bíi 0.3 sókè ni irin ti máa ń kun aṣọ, balùwẹ̀ àti ṣáláńgá olómi, nítorí náà 4 pọ̀. pH omi náà, ìyẹn òdiwọ̀n tó ń sọ bí omi ṣe kan tó, jẹ́ 6.2; bó bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni omi ń kan sí i. Ẹ fi nọ́ńbà kejì yìí sọ́kàn dáadáa, torí òun ló máa sọ irú ìtọ́jú tí omi yín fẹ́.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé asẹ́ olówùú àti bílíìsì, kí ẹ má bàa tún náwó síbi tí kò yẹ. Asẹ́ ń dá ohun tó ní ara dúró. Irin tó ti yọ́ kò ní ara, á gba inú òwú kọjá bí omi iyọ̀ ṣe ń gba inú aṣọ kọjá, á wá lọ di ìpẹtà sínú garawa lẹ́yìn asẹ́. Bí asẹ́ yín ṣe funfun tí omi sì ń pọ́n, ẹ̀rí nìyẹn. Bílíìsì ní tirẹ̀ ń sọ irin di ìpẹtà kíákíá. Tí ẹ bá dà á sínú ọpọ́n ìfọṣọ, orí aṣọ náà ni ìpẹtà yẹn máa lẹ̀ mọ́. Bílíìsì yìí kan náà wúlò fún wa, ṣùgbọ́n inú táńkì ló yẹ kó ti ṣiṣẹ́ ẹ̀, kí omi tó dé ọ̀dọ̀ aṣọ.

Gbogbo ìtọ́jú náà kò ju ohun kan lọ: ká jẹ́ kí irin yẹn di ìpẹtà níbi tí àwa fẹ́, ká sì sẹ́ ẹ kúrò. Ọ́síjìn kọ́ ni ìṣòro wa. Mílígíráàmù irin kan kò nílò ju bíi 0.14 mílígíráàmù ọ́síjìn lọ, omi tí afẹ́fẹ́ sì ti wọ̀ dáadáa máa ń ní bíi 8 nínú lítà kan. Àkókò ni ìṣòro. Nínú omi tí pH rẹ̀ jẹ́ 7, bíi ìdajì wákàtí ti tó kí ọ̀pọ̀ irin náà fi yí padà. Tí pH bá fi 1 péré lọ sílẹ̀, iṣẹ́ náà á falẹ̀ ní bí ìlọ́po 100. Ìdí nìyí tí omi yín fi ń dúró di àárọ̀ kó tó pọ́n, ìdí náà sì nìyí tí ẹlòmíràn á fi ṣe asẹ́ yanrìn tó dára tí omi rẹ̀ á ṣì máa pọ́n: irin náà kò tíì yí padà nígbà tó ń gba inú yanrìn kọjá.

Ohun tí mo fẹ́ ká ṣe nìyí. Táńkì onílítà 1000 tí ẹ ní yẹn, ká gbé e sókè ju táńkì kejì lọ. Omi láti inú kànga kò gbọdọ̀ bọ́ sínú rẹ̀ gbuurugbu. A máa lu ihò wẹ́wẹ́, nǹkan bíi mílímítà 3, sí ara páìpù, kí omi máa rọ̀ bí òjò sórí àwo mẹ́ta tó jókòó lé ara wọn, tí òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú wọn, tí àlàfo sì wà láàárín wọn. Bí omi ṣe ń kán láti àwo dé àwo, afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ọ́, gáàsì tó mú un kan á sì máa jáde, pH á sì gòkè díẹ̀. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo àwọn àwo náà kí ẹ̀fọn má bàa wọlé.

Mi ò rò pé àwo nìkan máa tó fún pH 6.2. Nítorí náà ni a ṣe máa fi bílíìsì ràn án lọ́wọ́, torí kilorín inú rẹ̀ kì í falẹ̀ bíi ti afẹ́fẹ́ nínú omi tó kan. Irin 4 máa jẹ kilorín tó tó mílígíráàmù 2.6 nínú lítà kan. Ká fi díẹ̀ lé e kó lè ṣẹ́kù, ká pè é ní 3.5. Nínú lítà 1000, gíráàmù 3.5 nìyẹn. Bí wọ́n bá kọ 3.5% sára ìgò bílíìsì yín, mílílítà 100 ni ẹ máa dà sínú táńkì kan tó kún. Bí wọ́n bá kọ 5%, mílílítà 70 ti tó. Kó jẹ́ bílíìsì lásán tí kò ní lọ́fínńdà, kó má sì jẹ́ èyí tó ti pẹ́ nínú oòrùn, nítorí agbára rẹ̀ á ti lọ. Ẹ fi omi náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ máa rí i tó pọ́n gan-an nínú táńkì yẹn. Ẹ má fòyà, ohun tí a ń wá nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni yanrìn. Dúrọ́ọ̀mù tí fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 58, òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, yanrìn tí a ti fọ̀ tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 70 lórí rẹ̀. Ibi tí omi ti ń jáde nínú táńkì àkọ́kọ́ gbọdọ̀ ga ju ìsàlẹ̀ táńkì lọ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ má bàa bá omi jáde. Ẹnu mìíràn á wà nísàlẹ̀ pátápátá tí a ó máa fi ṣí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà dànù. Omi kò gbọdọ̀ sáré nínú yanrìn. Ẹ fi garawa onílítà 20 wọ̀n ọ́n: tó bá kún kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ó ti yára jù.

Irin mílígíráàmù 4 nínú lítà kan, tí ẹ bá ń lo lítà 1000 lójúmọ́, jẹ́ gíráàmù 4 lójoojúmọ́. Tó bá di ìpẹtà, á súnmọ́ gíráàmù 8, nítorí ọ́síjìn àti omi ti dara pọ̀ mọ́ ọn. Lóṣù kan, ó lé ní gíráàmù 200 tó bá gbẹ, ó sì pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní tútù. Ibì kan ni gbogbo rẹ̀ á kó sí. Tí ẹ kò bá ń fọ yanrìn náà, á dí.

Ní ti pé ṣé mo gbẹ́ ẹ jìn tó: mi ò lè fọkàn yín balẹ̀ pé tí mo bá tún gbẹ́ ẹ lọ, irin á dín kù. Ó lè dín kù, ó sì lè pọ̀ sí i. Mi ò ní gba owó lọ́wọ́ yín lórí ohun tí kò dá mi lójú. Ibi tí mo ti jẹ̀bi ni pé mi ò wọn irin lọ́jọ́ tí mo parí iṣẹ́. Ojú ni mo fi wo omi, omi sì mọ́. Ẹ má bínú.

Omi Ò Lọ́tàá:
Ọ̀gá, àlàyé yìí dùn, ṣùgbọ́n wàhálà yẹn ti pọ̀ jù. Álọ́ọ̀mù ni kí mà dà sí i. Èmi náà ní kànga, omi mi máa ń rú, mo bá fi álọ́ọ̀mù po ó. Láàárín wákàtí méjì, ìdọ̀tí ti sùn sísàlẹ̀, òkè ti mọ́ kedere. Kí ni a ń fi bílíìsì àti àwo mẹ́ta ṣe?

Ìyá Láàbù:
Àbúrò, ohun tí ẹ sọ kò burú fún omi tó rú. Álọ́ọ̀mù máa ń kó ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ jọ kó lè wúwo, kó sì sùn sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n irin tó ti yọ́ kò tíì di ìdọ̀tí, kò sí ohun tí álọ́ọ̀mù máa kó jọ níbẹ̀. Ẹ wò ó, omi mà mọ́ gaara lẹ́nu páìpù. Tí ẹ bá da álọ́ọ̀mù sí i nígbà yẹn, ẹ máa tún jẹ́ kó kan sí i ni, pH tó ti wà ní 6.2 á tún lọ sílẹ̀, irin á sì wá falẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí bílíìsì bá ti sọ irin di ìpẹtà, tí ìyẹ̀fun náà sì wẹ́ jù tí kò tètè sùn, ìgbà yẹn ni álọ́ọ̀mù díẹ̀ lè wúlò.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí 0.2 tí láàbù fún mà, torí irú rẹ̀ máa ń dé ọ̀dọ̀ wa lójoojúmọ́. Mà, ẹ jọ̀ọ́, irú ìgò wo ni ẹ fi gbé omi náà lọ, ọjọ́ mélòó ló sì lò kó tó dé ibẹ̀?

Onílé Tuntun:
Ìgò omi tí mo ra ni, mo fọ̀ ọ́ dáadáa. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò nílé kí n tó ráyè gbé e lọ. Inú táńkì ni mo ti bù ú.

Ìyá Láàbù:
Ibẹ̀ ni irin yín sá sí. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ó ti di ìpẹtà, ó ti lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ó sì ti sùn sísàlẹ̀. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò bu omi tó mọ́ lókè, ó sì rí 0.2 lóòótọ́. Kò purọ́, ṣùgbọ́n omi tó yẹ̀ wò kì í ṣe omi kànga yín mọ́. Tí ẹ bá fẹ́ gbé omi lọ nítorí irin, ẹ ní kí láàbù fún yín ní ìgò tí wọ́n ti kán ásíìdì sí. Ásíìdì yẹn ni kì í jẹ́ kí irin kúrò nínú omi kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ má fi omi ṣan ìgò náà o, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án. Ẹnu páìpù kànga ni kí ẹ ti bù ú, lẹ́yìn tí pọ́ńpù bá ti ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ bu ìgò kejì tí kò ní ásíìdì fún àwọn àyẹ̀wò yòókù. pH ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́bàá kànga bí ọ̀gá ṣe ṣe, torí gáàsì inú omi máa ń jáde lójú ọ̀nà, pH á sì yí padà.

Ìyá Ewé:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Tèmi náà rèé: láàárọ̀ nìkan ni omi ẹ̀rọ mi máa ń pọ́n. Tí mo bá ṣí i fún bí ìṣẹ́jú méjì, á mọ́, á sì mọ́ títí di alẹ́. Mo ti ra bílíìsì báyìí. Ṣé mílílítà 100 náà ni kí n dà sínú táńkì?

Agbẹ́kànga:
Ẹ dúró ná, mà, ẹ má tíì da nǹkan kan sí i. Tiyín yàtọ̀ pátápátá. Omi tó pọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ẹ ṣí ẹ̀rọ, tó sì mọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, páìpù ilé ló ti ń mú ìpẹtà. Ó dùbúlẹ̀ sínú páìpù irin láti alẹ́, páìpù ń jẹ lára, omi àkọ́kọ́ á kó o jáde. Ẹ bu omi láti ẹnu kànga tàbí láti inú táńkì fúnra rẹ̀ sínú ife, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tó bá ṣì mọ́, kànga yín kò ní ẹ̀ṣẹ̀, páìpù ni kí ẹ pààrọ̀. Ṣé páìpù irin ni wọ́n fi ṣe ilé yín?

Ìyá Ewé:
Bẹ́ẹ̀ ni, ilé àtijọ́ ni. Mo ti bu omi táńkì sí ife báyìí, màá wò ó lọ́la.

Ọ̀gá Páìpù:
Ọ̀rẹ́ mi Agbẹ́kànga, lẹ́tà yìí pé. Ohun méjì ni mo fẹ́ bá ọ jà lé lórí.

Àkọ́kọ́, fífọ yanrìn. O kọ ọ́ pé kí wọ́n máa fọ̀ ọ́, o kò sọ bí wọ́n á ṣe ṣe é, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣubú sí. Kí omi tó lè gbé yanrìn sókè láti ìsàlẹ̀ kí ìpẹtà lè jáde lára rẹ̀, dúrọ́ọ̀mù tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nílò nǹkan bíi lítà 150 ní ìṣẹ́jú kan. Rọ́bà tí a fi ń fọ mọ́tò kò lè gbé e. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi rọ́bà fọ̀ ọ́ fún oṣù mẹ́fà. Nígbà tí mo gbẹ́ yanrìn náà wò, òkè rẹ̀ mọ́, àárín ti di ìṣù pupa bí amọ̀, omi sì ti la ọ̀nà tóóró kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìsẹ́. Yálà kí o fi páìpù tó fẹ̀ so ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù mọ́ táńkì omi mímọ́ tó wà lókè dáadáa, tàbí kí mà máa pa omi, kí ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kí ó ro òkè yanrìn náà ní jíjìn bí ìwọ̀n ọwọ́ kan, kí omi pupa tó bá jáde sì dànù.

Ìkejì, bílíìsì. Ní tèmi, kí mà lò ó fún oṣù méjì péré. Tí yanrìn bá ti pọ́n dáadáa, ìpẹtà tó bo ara rẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ máa ń fa irin tó yọ́ mọ́ra, á sì mú kí ó yára yí padà. Mo ní kànga méjì tí wọn kò da nǹkan kan sí mọ́, àwo àti yanrìn nìkan, omi wọn mọ́.

Ìyá Láàbù:
Òótọ́ ni pé yanrìn tó ti pọ́n ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, pH kànga méjì yẹn ńkọ́?

Ọ̀gá Páìpù:
Ọ̀kan jẹ́ 6.9. Ìkejì, mi ò wọ̀n ọ́n.

Ìyá Láàbù:
Ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rù fún mà. 6.9 kì í ṣe 6.2. Ẹ jẹ́ kó wọn pH lẹ́yìn àwo mẹ́ta yẹn ná, kó tó ronú àti dá bílíìsì dúró.

Agbẹ́kànga:
Ọ̀gá Páìpù, o jàre lórí fífọ yanrìn. Màá fi páìpù onínínṣì méjì sí i láti táńkì òkè. Lórí bílíìsì, mo fara mọ́ Ìyá Láàbù. Mo ti ronú kan òkúta ẹfun wẹ́wẹ́ náà láti fi gbé pH sókè, ṣùgbọ́n ibi tí mo ti dán an wò, ìpẹtà bo ara òkúta náà, kò sì yọ́ mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Onílé Tuntun:
Ẹ ṣeun gan-an. Kí n tó náwó, ṣé omi yìí ti ba inú wa jẹ́ láti oṣù mẹ́rin tí a ti ń mu ún? Ọkàn mi kò balẹ̀ nítorí àwọn ọmọ.

Ìyá Láàbù:
Ìwọ̀n irin yìí kì í sábà pa ènìyàn lára, mà. Àwọ̀, adùn irin lẹ́nu àti bó ṣe ń kun nǹkan ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ sọ 0.3, àjọ ìlera àgbáyé kò fi ìlera gbé òdiwọ̀n kan kalẹ̀ fún irin nínú omi mímu. Ṣùgbọ́n pé irin kò pani lára kò sọ pé omi náà mọ́. Ẹ ní kí wọ́n yẹ kòkòrò àìrí wò nínú ìgò kejì yẹn, ìyẹn ló ń fún ọmọdé ní inú rírun.

Onílé Tuntun:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà parí, ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò dára rárá. Omi tó ń jáde nídìí yanrìn ṣì ní àwọ̀ yẹ́lò, mo sì ti fẹ́ pariwo. Mo wá rántí garawa. Mo gbé garawa onílítà 20 sábẹ́ rẹ̀, mo wo aago: ìṣẹ́jú àáyá 25 ló fi kún! Mo rọra yí fáfù náà títí garawa fi ń kún ní bí ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, àwọ̀ yẹn ti lọ. Garawa tí mo bu omi sí láti ọjọ́ Ajé ṣì mọ́ títí di òní Ọjọ́rú, mo fi ìka ra ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò sí nǹkan kan. Aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ ti padà funfun, àyàfi àwọn àbàwọ́n àtijọ́, mo fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ìyẹn, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wá wọn pH lẹ́yìn àwo mẹ́ta, ó jẹ́ 6.6.

Ohun méjì ló kù tí kò yé mi. Ara ògiri táńkì àkọ́kọ́ ń yọ̀, ó ní nǹkan pupa tó fà bí ọṣẹ yíyọ́, ó sì ń rùn díẹ̀. Ìkejì, etí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná ń ní àbàwọ́n dúdú, kì í ṣe pupa. Mo fọ̀ ọ́, ó tún padà wá.

Agbẹ́kànga:
Inú mi dùn, mà. Ẹ má yí fáfù yẹn mọ́, ẹ fi nǹkan sàmì sí i. pH 6.6 yẹn sì sọ fún mi pé bílíìsì kò tíì ṣeé dá dúró.

Nǹkan tó ń yọ̀ yẹn ni kòkòrò àìrí tó ń jẹ irin. Wọn kì í ṣe àrùn, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dí páìpù, wọ́n sì ń mú omi rùn. Ẹ tú táńkì náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ògiri rẹ̀, ẹ fi omi tí ẹ da bílíìsì sí dáadáa pa á lára, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ kí ẹ tó ṣan án dànù. Ẹ má jẹ́ kí oòrùn wọ inú táńkì.

Àbàwọ́n dúdú, máńgánísì ni mo fura sí. Ó sábà máa ń bá irin rìn, afẹ́fẹ́ àti bílíìsì kì í sì tètè ràn án ní irú pH yìí. Tó bá jẹ́ òun ni, yanrìn lásán kò ní tó, a máa nílò irú yanrìn tí wọ́n ti fi máńgánísì bo ara rẹ̀. Ẹ má tíì rà á. Mi ò wọ̀n ọ́n nígbà yẹn.

Ọ̀gá Páìpù:
Tí kòkòrò náà bá ti wà nínú táńkì, ó ti wà nínú kànga. Ẹ da bílíìsì sínú kànga fúnra rẹ̀, kó sùn síbẹ̀ mọ́jú, kí ẹ sì fa á dànù láàárọ̀.

Agbẹ́kànga:
Mo mọ iṣẹ́ yẹn, mo sì máa ń ṣe é nígbà tí mo bá rí i lára pọ́ńpù. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú irin 4, ìpẹtà á kó sí ihò páìpù ìsàlẹ̀ tí omi ń gbà wọlé, tí a kò bá sì fa á jáde pátápátá, omi kànga á máa dín kù. Mo fẹ́ yọ pọ́ńpù náà kí n fojú rí i kí n tó da ohunkóhun síbẹ̀.

Ọ̀gá Páìpù:
Ìwọ lo gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n á tún padà wá sínú táńkì yẹn kí oṣù mẹ́ta tó pé, wà á rí i.

Ìyá Ewé:
Omi táńkì tèmi mọ́ di òní o. Páìpù ni lóòótọ́.

Onílé Tuntun:
Mo ti gba ìgò méjì ní láàbù, ọ̀kan ní ásíìdì. Mo tan pọ́ńpù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹnu páìpù kànga ni mo ti bù ú, mi ò ṣan ìgò náà. Irin, máńgánísì àti kòkòrò àìrí ni mo ní kí wọ́n yẹ̀ wò. Òní yìí kan náà ni mò ń gbé e lọ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá yọ pọ́ńpù náà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.